Èérún píksẹ́lì tó kù lẹ́yìn tí a gé ènìyàn jáde nínú àwòrán: mélòó ni kí n fi sínú `Shrink`?

Àkàndé Fláyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. GIMP 2.10 ni mo ń lò. Àwòrán màmá kan ló wà lọ́wọ́ mi fún ìwé ìpè ọjọ́ ìbí 70 ọdún: wọ́n wé gèlè, wọ́n sì wọ yẹtí gígùn. Àwòrán náà fẹ̀ tó 2400 píksẹ́lì, gíga rẹ̀ jẹ́ 3000. Mo fi `Fuzzy Select` mú ògiri funfun tó wà lẹ́yìn wọn, mo pa á rẹ́. Ó mọ́ lójú mi, àfi ìgbà tí mo gbé e sórí àwọ̀ búlúù dúdú tí èérún wá fọ́n káàkiri bí iyọ̀. `Eraser` ni mo fi ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tán. Ẹnì kan ní kí n súnkì àṣàyàn. Píksẹ́lì mélòó? Kí ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀?

---

Ṣọlá Oníkámẹ́rà

Ojú kámẹ́rà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Eruku tó bá jókòó sórí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń hàn lójú kan náà nínú gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà. Ẹ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ nítorí itọ́. Bí ẹ bá yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, á mọ́.

---

Àkàndé Fláyà

Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ya àwòrán náà, kò sì sí bí a ṣe máa tún un yà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ni mo fẹ́ tún ṣe.

---

Tolú Gbẹ́gilére

Kò le rárá. Tẹ `Layer > Transparency > Alpha to Selection`. Lọ sí `Select > Shrink`, fi 2 síbẹ̀. Tẹ `Ctrl+I` kí àṣàyàn yí padà, kó o wá tẹ `Delete`. Ó parí.

---

Àkàndé Fláyà

Mo ti ṣe é, Tolú. Púpọ̀ nínú èérún náà lọ lóòótọ́. Àwọn tó tóbi díẹ̀ ṣì wà, wọ́n kàn kéré sí i ni. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé ara màmá náà fúnra rẹ̀ rẹ̀yìn: ṣóńṣó gèlè kù díẹ̀ káàtó, wáyà tó so yẹtí mọ́ etí ti pòórá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣófo sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí aṣọ wọn ti kan etí àwòrán. Mo ti fi `Ctrl+Z` dá a padà.

---

Ìyá Àwòrán

Ó dára bó o ṣe dá a padà.

Tolú, ọ̀nà tó o là sílẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló wà fún. Nígbà tí ìlà funfun tín-ín-rín bá yí ènìyàn ká lẹ́yìn gígé, a máa fi 1 sínú `Shrink`, a yí àṣàyàn padà, a tẹ `Delete`. Ìlà náà á lọ, ènìyàn náà á sì pàdánù píksẹ́lì kan yíká. A gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ gan-an ni ìlà náà lẹ̀ mọ́. Èérún tó dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán kò lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí tí a ó fi gé ara ènìyàn nítorí rẹ̀.

Àkàndé, wo ohun tí `Shrink` ń ṣe. Ó ń jẹ àṣàyàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, bí ọṣẹ tó wà nínú omi: èyí tó kéré á yọ́ tán, èyí tó tóbi á kàn fọn díẹ̀. Bó o bá fi 3 síbẹ̀, ó jẹ 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì, 3 lókè, 3 nísàlẹ̀. Ibikíbi tí kò bá fẹ̀ ju 6 lọ kò ní ṣẹ́kù nínú àṣàyàn. Ìdí nìyẹn tí 2 fi pa èérún tó fẹ̀ tó 4 rẹ́ fún ọ, tí èyí tó jẹ́ 6 sì kù bíi 2.

Ṣùgbọ́n àṣàyàn nìkan ló ń jẹ, kò tíì fọwọ́ kan àwòrán. Nítorí náà, ṣáájú kó o tó pa ohunkóhun rẹ́, fẹ àṣàyàn náà padà síta. Èérún tó ti yọ́ tán kò ní ibi tó máa ti hù padà. Màmá tó kàn fọn á padà sí bó ṣe wà. Ibi tí iṣẹ́ náà wà nìyẹn.

Bó ṣe máa lọ rèé. Tẹ `Z`, súnmọ́ èérún tó tóbi jù tó o bá rí, títí dé 800%, kó o ka iye píksẹ́lì ìbú rẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Jẹ́ ká ní 6 ni. Ìdajì rẹ̀ ni 3, òun ni wàá fi sínú `Shrink`. Tẹ `Alpha to Selection`, lẹ́yìn náà `Select > Shrink` 3, lẹ́yìn náà `Select > Grow`, ṣùgbọ́n má fi 3 sí `Grow`, fi 7. Wá tẹ `Ctrl+I`, tẹ `Delete`, kó o fi `Ctrl+Shift+A` tú àṣàyàn náà sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní 7: bí àṣàyàn bá kọjá ara màmá ní píksẹ́lì 4, ibi tó ṣófo ló kọjá sí, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó tún ń dáàbò bo etí ara wọn tó rọ̀, àwọn píksẹ́lì tó wà láàárín kí a rí i àti kí a má rí i, tí kì í jẹ́ kí ara ènìyàn rí gbágungbàgun. Bó o bá fi 3 gẹ́lẹ́ fẹ̀ ẹ́, gbogbo igun mímú á ti di róbótó.

Ohun tí wàá fi san án ni pé èérún tó bá wà láàárín píksẹ́lì 4 sí ara wọn á kù síbẹ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n máa ń jẹ́. `Eraser` tó le, tí kò rọ̀ létí, lo máa fi pa ìyẹn.

Ìlà ìsàlẹ̀ tó o rí náà: nínú fèrèsé `Shrink`, àpótí kan wà tí wọ́n kọ `Selected areas continue outside the image` sí. Bó ò bá fa ámì sí i, GIMP á gbà pé etí àwòrán jẹ́ etí ara, á sì jẹ ẹ́ láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Fa ámì sí i nígbàkígbà tí ènìyàn bá kan etí àwòrán.

---

Tolú Gbẹ́gilére

Ẹ ṣé, Mà. Mi ò fẹ̀ ẹ́ padà rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é. Mo rò pé bí mo bá fẹ̀ ẹ́, èérún náà á padà wọlé.

---

Ìyá Àwòrán

Á padà wọlé bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣẹ́kù, kódà bó jẹ́ píksẹ́lì kan ṣoṣo. Nítorí ẹ̀ ló fi yẹ ká wọn èyí tó tóbi jù ká tó bẹ̀rẹ̀, ká má kàn fojú bù ú.

---

Àkàndé Fláyà

Mo ti ṣe é pẹ̀lú 3 àti 7. Èérún lọ, ara wọn dúró dáadáa, ìlà ìsàlẹ̀ kò sí mọ́. Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, kóróńdò yẹtí náà dúró ní òfúrufú! Wáyà tó gbé e dúró kò sí mọ́ láàárín, àmọ́ ó kù díẹ̀ lábẹ́ etí, ó sì kù díẹ̀ lórí kóróńdò náà. Ìkejì, ṣóńṣó gèlè tó yọ síwájú ti kúrú díẹ̀.

---

Ìyá Àwòrán

Wáyà náà fẹ̀ tó píksẹ́lì mélòó?

---

Àkàndé Fláyà

Mo kà á ní 800%. Ó jẹ́ 4. Kóróńdò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 20.

---

Ìyá Àwòrán

Ó yé mi. Kóróńdò tó jẹ́ 20 kù 14 nígbà tó súnkì, nítorí náà ó padà. Wáyà tó jẹ́ 4 kò lè la 3 já, ó yọ́ bí èérún. `Grow` kò mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀ rí. Àfikún píksẹ́lì 4 láti etí àti 4 láti orí kóróńdò ni ìwọ̀nba tó o rí tó kù. Ẹ̀rọ náà kò mọ yẹtí yàtọ̀ sí eruku. Bí ohun kan bá ti tín-ín-rín tó èérún, èérún ló kà á sí, bó ti wù kó gùn tó.

Nítorí náà, àwa la máa bá a yà á sọ́tọ̀. Dá a padà sí ibi tó o wà kó o tó tẹ `Ctrl+I`, ìyẹn lẹ́yìn `Grow` gan-an. Mú `Free Select`, èyí tí a fi ń yí nǹkan ká lọ́wọ́. Tẹ `Shift` mọ́lẹ̀ kí ohun tó o bá yí ká lè kún àṣàyàn tó wà tẹ́lẹ̀. Yí wáyà náà ká láti etí dé kóróńdò, má ṣe wahala láti tẹ̀lé etí rẹ̀ gẹ́lẹ́, fi píksẹ́lì bíi 5 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ibi tó ṣófo kò ní dá ohunkóhun sílẹ̀. Kàn ṣọ́ra kí èérún kankan má bá a wọ inú ibi tó o yí ká. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa wá yí i padà, tó o máa tẹ `Delete`.

Ti ṣóńṣó gèlè jọ ọ́. Ibi tí ó ti mú jù kò tó píksẹ́lì 6, nítorí náà `Shrink` ti jẹ ẹ́ wọlé kọjá 3. Bí ṣóńṣó bá ṣe mú tó ni ohun tó ń sọ nù ṣe máa gùn tó. Bí igun rẹ̀ bá jẹ́ bíi ìwọ̀n 30, 3 tó o fi súnkì á mú kí orí àṣàyàn rẹ̀yìn ní nǹkan bíi 11 sí 12 kúrò ní ṣóńṣó gan-an. Nígbà tó o bá fẹ̀ ẹ́ ní 7, ó ku bíi 4 sí 5 tí kò dé. Ohun tó o rí nìyẹn. Bó o bá fi 12 sínú `Grow`, ó dé. Ṣùgbọ́n èérún tó wà láàárín píksẹ́lì 9 sí ara màmá náà á dúró, o ó wá ní púpọ̀ láti pa lọ́wọ́. Ní tèmi o, má gbé iye sókè nítorí ṣóńṣó kan ṣoṣo. Yí ṣóńṣó náà ká pẹ̀lú `Shift` bó o ti ṣe fún wáyà, kó o fi 7 sílẹ̀.

---

Oníwèé Àtijọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìwé Yorùbá àtijọ́ ni mo fi ẹ̀rọ sikáánà ya, ní 300 dpi. Mo yọ àwọ̀ bébà kúrò kí lẹ́tà dúdú nìkan kù, kí n lè gbé e lé orí èèpo ìwé. Eruku bébà pọ̀ níbẹ̀ bí ata gígún. Mo tẹ̀lé ohun tí ẹ sọ, mo fi 3 àti 7. Eruku lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ló bá a lọ, àmì ohùn náà sì bá a lọ. «Ọjọ́» ti di «Ojo». Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà mọ́.

---

Ìyá Àwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Bàbá. Ibi tí ọ̀nà yìí ti lè ṣe ìpalára jù fún àwa Yorùbá nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ẹ mú un wá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ ara lẹ́tà. Lójú rẹ̀, èérún tó dá dúró ni. Àmì ohùn orí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ má lo iye tèmi fún Àkàndé rárá. Ẹ wọn ohun méjì: ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ tó kéré jù nínú ojú ìwé yẹn, àti eruku tó tóbi jù. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ìwọ̀n 12, ní 300 dpi, gíga gbogbo ààyè rẹ̀ jẹ́ 50 píksẹ́lì, ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í sì í ju bíi 5 tàbí 6 lọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 3 pa gbogbo ohun tó jẹ́ 6 sí ìsàlẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá fi 2, ohun tó jẹ́ 4 ló ń pa, ẹ̀sẹ̀ tó jẹ́ 5 á kù 1, `Grow` á sì gbé e dìde padà. Bí eruku yín kò bá ju 4 lọ, 2 ni yín, pẹ̀lú `Grow` 4.

Àmì ohùn ló ṣòro jù, torí bó ti wù kó gùn, ó tín-ín-rín. Bí ọ̀pá àmì náà bá jẹ́ 4 péré, 2 á pa á. Nígbà náà 1 nìkan ló kù fún yín, èyí tó ń pa eruku tó jẹ́ 2 sí ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá lè tún ìwé náà yà, ẹ yà á ní 600 dpi. Gbogbo rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, eruku pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe pé ààyè tó wà láàárín wọn yí padà. Ṣùgbọ́n níbi tó ti jẹ́ pé 1 kéré jù tí 2 sì pọ̀ jù, ẹ ó ní 2, 3 àti 4 láti yàn.

---

Oníwèé Àtijọ́

Mo ti wọn. Ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ 5, àmì ohùn jẹ́ 4, eruku tó tóbi jù jẹ́ 7. Eruku ju àmì lọ, ẹ ò rí i?

---

Ìyá Àwòrán

A jẹ́ pé kò sí iye tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, Bàbá. Ẹ lo 1 kí kéékèèké lè lọ, ẹ máa fi ojú tọ́ ìyókù, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò mọ ọ̀nà àbùjá kankan síbẹ̀ nínú `Shrink`.

---

Bísí Aláràbarà

Photoshop ni èmi ń lò. Ọ̀nà kan náà ló wà níbẹ̀: ẹ tẹ `Ctrl` mọ́lẹ̀ kí ẹ tẹ àwòrán kékeré tó wà lára léyà, lẹ́yìn náà `Select > Modify > Contract`, lẹ́yìn náà `Select > Modify > Expand`, kí ẹ wá tẹ `Shift+Ctrl+I` àti `Delete`.

Ẹ kíyè sí i pé àpótí etí àwòrán yí padà síra wọn. Ti Photoshop ń jẹ́ `Apply effect at canvas bounds`. Bí ẹ bá fa ámì sí i, ìgbà yẹn gan-an ló máa jẹ etí àwòrán. Nínú GIMP, fífa ámì ló ń dáàbò bò ó, nínú Photoshop, àìfa ámì ni. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì a máa ṣì í.

---

Àkàndé Fláyà

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Yẹtí ti so mọ́ etí padà, ṣóńṣó gèlè ti pé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń yà mí lẹ́nu. Mo tẹ `Layer > Crop to Content` kí léyà lè fún mọ́ ara màmá. Kò fún. Ìlà onítò-tò tó yí léyà ká ṣì jìnnà sí èjìká òsì wọn, bíi 300 píksẹ́lì. Mo wo ibẹ̀, mi ò rí nǹkan kan.

---

Tolú Gbẹ́gilére

`Threshold Alpha` ni kó o lò. Inú `Layer > Transparency` ló wà. Ó ń mú kí gbogbo nǹkan wà pátápátá tàbí kó má sí rárá. Ohun tó mọ́ fírí máa lọ.

---

Ìyá Àwòrán

Á lọ lóòótọ́, Tolú, ṣùgbọ́n etí ara màmá tó rọ̀ á bá a lọ. Gbogbo ìlà èjìká àti ojú á di àkàsọ̀ kéékèèké, nígbà tí wọ́n bá sì tẹ ìwé ìpè náà, á hàn. Má lò ó lórí àwòrán ènìyàn.

Àkàndé, `Crop to Content` ti sọ òtítọ́ fún ọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ṣòro kí ojú rí. Fi léyà tuntun sábẹ́, kùn ún ní àwọ̀ pupa rírẹ̀dòdò tàbí dúdú, wo ibẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjìji màmá lára ògiri ni, tí `Fuzzy Select` mú ìdajì rẹ̀, tó wá kù bí èéfín.

Ìdí tí `Shrink` kò fi pa á ni pé kì í ṣe èérún. Ó fẹ̀, bóyá 60 píksẹ́lì, nítorí náà 3 kò tó nǹkan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Jẹ́ ká ní agbára rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 255. `Alpha to Selection` á yàn án ní ìwọ̀n yẹn náà, ìyẹn ìdá 8 nínú 100. Ìlà tó ń rìn bí èèrà kì í hàn yí ohun tí kò tó ìdajì ká, nítorí náà wàá rò pé kò sí nínú àṣàyàn. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tó o yí i padà, ibẹ̀ di ìdá 92, `Delete` wá pa ìdá 92 nínú 20 yẹn rẹ́. Ó ku 1 tàbí 2 nínú 255. Ó ṣòro kí ojú ènìyàn rí i, `Crop to Content` rí i.

Ìgbésẹ̀ kan ló máa tán an. Lẹ́yìn `Alpha to Selection`, ṣáájú `Shrink`, tẹ `Select > Sharpen`. Ohun tó bá tó ìdajì nínú àṣàyàn á di odindi, èyí tí kò bá tó á jáde pátápátá. Òjìji náà á jáde. Etí ara màmá tó rọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan, torí `Grow` 7 á tún bò ó. Ó yàtọ̀ sí `Threshold Alpha` ní ti pé àṣàyàn lò ń mú le, kì í ṣe àwòrán.

---

Àkàndé Fláyà

Òjìji ni lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Mo fi àwọ̀ dúdú sábẹ́, mo rí i fírífírí. Mo ti ṣe é pẹ̀lú `Sharpen`: léyà ti fún mọ́ ara wọn báyìí.

Bí mo bá ní àwòrán 40 tí wọ́n yà níwájú ògiri kan náà ńkọ́?

---

Bísí Aláràbarà

Ẹ fi `Action` gbà á sílẹ̀ nínú Photoshop.

---

Ìyá Àwòrán

Nínú GIMP 2.10, ara Script-Fu tó máa ṣe é rèé, níbi tí `img` ti jẹ́ àwòrán, tí `lay` sì jẹ́ léyà rẹ̀:

```
(gimp-image-select-item img CHANNEL-OP-REPLACE lay)
(gimp-selection-sharpen img)
(gimp-selection-shrink img 3)
(if (= TRUE (car (gimp-selection-is-empty img)))
    (gimp-message "Iye Shrink ti tobi ju")
    (begin
      (gimp-selection-grow img 7)
      (gimp-selection-invert img)
      (gimp-drawable-edit-clear lay)))
(gimp-selection-none img)
```

Má yọ `if` yẹn kúrò láé. Bí iye `Shrink` bá tóbi ju gbogbo ohun tó wà nínú léyà lọ, àṣàyàn á ṣófo. Àṣàyàn tó ṣófo tí a bá yí padà á di gbogbo àwòrán, `clear` á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nínú àwòrán 40, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ kan kó o má mọ̀ títí o fi tẹ̀ wọ́n jáde. Ewu kejì ni òdìkejì rẹ̀, tí ara ènìyàn bá kún àwòrán dé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: `Grow` á bo gbogbo rẹ̀, yíyí padà á mú un ṣófo, GIMP á sì pa gbogbo léyà rẹ́ torí kò sí àṣàyàn. Fi ìyẹn sọ́tọ̀, ṣe é lọ́wọ́.

Kò sí yẹtí nínú ohun tí mo kọ yìí o. Wáyà, okùn, irun tó yọ síta, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Wo ogójì náà lójú ẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

---

Tolú Gbẹ́gilére

Mà, èmi kì í fẹ́ pa nǹkan rẹ́ pátápátá báyìí. Ṣé kò ní dára kó jẹ́ másìkì ni a máa lò?

---

Ìyá Àwòrán

Ó dára jù, o sọ òtítọ́, pàápàá nígbà tí yẹtí bá wà níbẹ̀. `Layer > Mask > Add Layer Mask`, kó o yan `Transfer layer's alpha channel`. Ohun tí a gé tẹ́lẹ̀ á kó lọ sórí másìkì. Láti ibẹ̀, `Mask to Selection` lo máa lò dípò `Alpha to Selection`, dípò `Delete` wàá fi dúdú kun orí másìkì. Bí wáyà bá sọ nù, fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun ibẹ̀, á padà wá. Ó kàn ń gba ìgbésẹ̀ méjì sí i, èyí tí mi ò fẹ́ kó dà Àkàndé lójú rú ní àkọ́kọ́.

---

Bísí Aláràbarà

Mo ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì rí ojútùú sí. Léèsì funfun tó mọ́ gaara, tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tàbí wọnwọn etí ìbòrùn aṣọ òkè. Ìbòrùn náà á kù, wọnwọn á lọ. Bí mo bá dín iye kù nítorí wọnwọn, eruku á kù. `Sharpen` yẹn náà á sì gé léèsì tó bá fẹ́lẹ́.

---

Ìyá Àwòrán

Ó máa gé e. Mo máa ń yí gbogbo ibi tí wọnwọn wà ká pẹ̀lú `Shift`, kí n fi wọ́n sí inú àṣàyàn, kí n wá fọwọ́ tọ́ eruku tó wà láàárín wọn. Ó ń pẹ́ o. Fún léèsì tó mọ́ gaara, mi ò rò pé ọ̀nà yìí bá a mu rárá, torí ohun tó fẹ́lẹ́ tí a kò fẹ́ àti ohun tó fẹ́lẹ́ tí a fẹ́ ni wọ́n jọ wà nínú léyà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà tó dára jù, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

---

Oníwèé Àtijọ́

Mo ti tún ìwé mi yà ní 600. Ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ 10, àmì ohùn 9, eruku tó tóbi jù 14. Mo fi 4 súnkì, mo fi 7 fẹ̀ ẹ́. Gbogbo àmì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹyọ eruku bíi 11 kù lójú ìwé náà. Mo rí méjì nínú wọn lábẹ́ o, tí wọ́n ń díbọ́n bí ọ. Àwọn ni mo kọ́kọ́ pa.